Ẹ̀sùn kọsítọ́mà 200 nínú ṣíìtì: báwo la ṣe máa mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń há?

Ọmọ Mólípa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Báńkì kéékèèké ni iléeṣẹ́ wa, a ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀sùn yòówù kí kọsítọ́mà mú wá, inú ṣíìtì kan ṣoṣo lórí Google Sheets là ń kọ ọ́ sí. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀sùn 200 ló wọlé: ATM tí kò pọ owó 84, POS tó yọ owó láìjẹ́ pé ọjà bọ́ sí kọsítọ́mà lọ́wọ́ 46, tiransífà tí kò dé 38, káàdì 20, alẹ́ẹ̀tì àti owó tí báńkì yọ 12.

Ọ̀gá wo iye yìí, ó ní ATM ló pọ̀ jù, nítorí náà ká gba èèyàn méjì kún àwọn tó wà lórí káńtà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní kí n ṣe ìṣirò tó máa fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù. Kò dá mi lójú pé ATM ni wàhálà wa, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa fi hàn án.

Bí ṣíìtì náà ṣe rí nìyí: A ni nọ́ńbà ẹ̀sùn, B ni ẹ̀ka, C ni ìsọ̀rí, D ni ọjọ́ àti àkókò tó wọlé, E ni ìgbà tí a fi ránṣẹ́ sí orí-iléeṣẹ́, F ni ìgbà tí èsì dé, G ni ìgbà tí a pa fáìlì náà dé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Màkún

Èyí ò le rárá. Ẹ ṣe kọ́lọ́ọ̀mù H tó máa yọ D kúrò lára G, kí ẹ sọ ọ́ di wákàtí:

```
=IF(G2="","",(G2-D2)*24)
```

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Insert, ẹ mú Pivot table. Ìsọ̀rí ni kí ẹ fi sí Rows, H ni kí ẹ fi sí Values, kí ẹ sì yan AVERAGE. Ìsọ̀rí tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ga jù, ibẹ̀ niṣẹ́ ti há. Ó parí.

Ohun kan péré ni mo rí tí kò dáa: ìsọ̀rí márùn-ún kéré jù. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó tó 25, kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè hàn kedere.

Àǹtí Ìlísàn

Ará Màkún, ẹ kú làákàyè, pivot table náà ni èmi náà máa kọ́kọ́ ṣe. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìpíndọ́gba nìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí á parọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀sùn POS mẹ́wàá wò ó. Ká ní wákàtí tí wọ́n fi yanjú wọn nìyí, láti èyí tó kéré jù lọ sókè: 20, 22, 25, 26, 28, 30, 31, 34, 190, 214. Tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 620 ni, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 62. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 fún POS ni pé kí owó padà láàárín wákàtí 72. Ọ̀gá yín máa wo 62, á ní a ṣì wà lábẹ́ 72, kò séwu. Bẹ́ẹ̀, ẹni méjì nínú mẹ́wàá dúró fún bí ọjọ́ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà, kò sí ẹnì kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó dúró fún wákàtí 62 gan-an. Nọ́ńbà yẹn kò jọ ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá mú ti àárín, ìyẹn MEDIAN, ẹ máa rí 29. Ìyẹn ló sọ bí kọsítọ́mà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ geere ṣe rí. Àmọ́ 29 náà fi àwọn méjì yẹn pa mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ńbà mẹ́ta jókòó sí iwájú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: iye ẹ̀sùn, ti àárín, àti iye tó kọjá òpin àkókò. Ẹ fi orúkọ ìsọ̀rí sí K, kí òpin àkókò rẹ̀ ní wákàtí wà ní L:

```
=MEDIAN(FILTER(H$2:H$400,C$2:C$400=K2,H$2:H$400<>""))
=COUNTIFS(C$2:C$400,K2,H$2:H$400,">"&L2)
```

Ní ti òpin àkókò, ìlànà 2020 yẹn ní kí owó padà lójú ẹsẹ̀ tó bá jẹ́ ATM báńkì kọsítọ́mà fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ ò bá sì lè ṣe é, kí wọ́n fọwọ́ ṣe é láàárín wákàtí 24. Tó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48 ni. Nítorí náà, ATM yín gbọ́dọ̀ di ìsọ̀rí méjì, torí òpin àkókò wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú wọn náà sì yàtọ̀.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí 25. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀sùn 200 tí ẹ bá pín sí 25, tí ẹ tún pín sí ẹ̀ka mẹ́rin, ìdá kọ̀ọ̀kan á ku ẹ̀sùn méjì, kò sì sí nǹkan kan tí èèyàn lè rí dì mú nínú ẹ̀sùn méjì. Kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ kọsítọ́mà yàtọ̀ la fi ń fọ́ ìsọ̀rí. Ìgbà tí fáìlì náà bá gba ọwọ́ mìíràn kọjá la máa ń fọ́ ọ. Bí méje tàbí mẹ́jọ máa tó yín.

Ará Màkún

Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo gbà fún yín lórí ti àárín. Lórí 25, mo ṣì rò pé ó sàn kí àlàyé pọ̀ ju kó dín lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Bàbá Òkè-Àjẹ

Ẹ̀yin ará báńkì, ẹ mà kúkú dáhùn tèmi náà. Ilé POS ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Àjẹ. Kọsítọ́mà á fa káàdì, ẹ̀rọ á kọ̀, báńkì á ti yọ owó, èmi ni wọ́n á wá gbá lọ́rùn mú. Ṣe ìṣirò yín yìí lè jẹ́ kí owó wọn tètè padà? Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ló burú jù, torí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo àlejò ló fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí mo bá sì fún wọn ní rìsíìtì, wọ́n á kó o sápò, oòrùn á pa á, ara ìwé yẹn á funfun pátápátá. Tí wọ́n bá wá dé báńkì, kò sí nǹkan tí wọ́n lè kà lórí ẹ̀ mọ́. Wọ́n á tún padà wá bá mi kí n wá a jáde nínú ẹ̀rọ.

Àǹtí Ìlísàn

Bàbá, ẹ kú ọjà o. Ìbéèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé kọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹ ti sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ kí Ọmọ Mólípa gbé sọ́kàn: ọ̀rọ̀ rìsíìtì tó funfun. Ẹ má gbàgbé ẹ, màá padà sí i.

Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba náà, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù nínú ìṣirò. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀sùn rọ́ wọlé máa jẹ́ kó dà bíi pé oṣù náà látòkè délẹ̀ ni iṣẹ́ há.

Ọmọ Mólípa

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí, àmọ́ nǹkan tí mo rí ò yé mi. Káàdì tí mo rò pé ó ń dà wá láàmú ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀: ti àárín rẹ̀ jẹ́ wákàtí 20 péré! Àti pé àwọn wákàtí kan wà tó jẹ́ ẹ̀yìn odo, bíi −2,900. Kí ló fa ìyẹn?

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Wákàtí tó kéré ju odo kì í ṣe idán, déètì ló ṣì ka. Ṣíìtì yín wà lórí ètò Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣíwájú ọjọ́. Tí ẹ bá tẹ 03/07, ẹ̀yin ń sọ ọjọ́ kẹta oṣù keje, òun gbà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹta. Tí ẹ bá tẹ 25/07, kò sí oṣù 25, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán máa sún mọ́ apá òsì àpótí rẹ̀, èyí tó jẹ́ déètì gidi máa sún mọ́ apá ọ̀tún. Ẹ tún lè fi èyí wò ó:

```
=ISNUMBER(D2)
```

FALSE ni á sọ fún ọ̀rọ̀ lásán. Àmọ́ kì í ṣe èyí tó sọ FALSE ló léwu jù. Èyí tó sọ TRUE tí oṣù àti ọjọ́ ti gbapò ara wọn ló léwu, torí kò ní pariwo. Ẹ lọ sí File, Settings, Locale, kí ẹ yan United Kingdom. Síbẹ̀, ìyẹn ò ní tún àwọn tó ti ṣì kà ṣe. Àwọn tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà nìkan ló máa tọ̀nà. Ẹ ní láti padà sí àwọn ọjọ́ kìíní sí kejìlá oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n wé ìwé rẹ́jísítà orí káńtà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ní ti káàdì, ẹ dá mi lóhùn: mélòó nínú 20 yẹn lẹ ti pa dé?

Ọmọ Mólípa

Ẹ ṣé, bọ̀dá, déètì náà nìyẹn lóòótọ́. Mo ti tún un ṣe.

Káàdì tí a ti pa dé jẹ́ 8. Àwọn 12 tó kù ṣì wà nílẹ̀. Nínú gbogbo 200, 31 ló ṣì wà nílẹ̀.

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Ẹ rí i báyìí? Àwọn 8 tó rọrùn lẹ kà. Fọ́múlà yẹn fo gbogbo ẹ̀sùn tí G rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ló ti pẹ́ jù. Ìsọ̀rí tó burú jù ló wá dà bí èyí tó dáa jù. Ẹ̀sùn tó ṣì wà nílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí di òní, kí ẹ mọ̀ pé ó kéré tán ó ti tó bẹ́ẹ̀:

```
=IF(G2="",(NOW()-D2)*24,(G2-D2)*24)
```

Ohun mìíràn wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá ṣíìtì yín ń sọ òótọ́. Ẹ̀sùn 200 láàárín ọjọ́ 61 jẹ́ bíi mẹ́ta àti díẹ̀ lójúmọ́. Ká ní lóòótọ́ ni ẹ̀sùn kan ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta ní ìpíndọ́gba, ẹ̀sùn bíi mẹ́wàá ló yẹ kó máa wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kọ́jọ́: iye tó ń wọlé lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́ tó ń lò. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ ní. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni òótọ́. Ibi yìí nìkan ni ìpíndọ́gba ti wúlò ju ti àárín lọ, àǹtí Ìlísàn ẹ má bínú sí mi.

Àǹtí Ìlísàn

Kí ni màá bínú sí? Òótọ́ lẹ sọ. Mo tún fi kún un pé kí Ọmọ Mólípa wo ohun tó wà nínú àwọn káàdì 8 àti 12 yẹn. Mo fura pé 8 jẹ́ ẹni tó ní kí wọ́n ti káàdì tó sọnù pa, èyí tí akọ̀wé káńtà lè ṣe lójú ẹsẹ̀. Méjìlá á jẹ́ ẹni tó ń retí káàdì tuntun. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ fọ́ ìsọ̀rí yẹn.

Ó tún ku kí ẹ pín àkókò fúnra rẹ̀. Ìsọ̀rí nìkan máa sọ irú ẹ̀sùn tó ń pẹ́ fún yín, kò ní sọ ọwọ́ ta ló ti pẹ́. Ẹ ní déètì mẹ́rin, nítorí náà ẹ ní apá mẹ́ta: láti D dé E, fáìlì wà ní ẹ̀ka, láti E dé F, ó wà ní orí-iléeṣẹ́ tàbí ní báńkì kejì, láti F dé G, ó ti padà sọ́wọ́ ẹ̀ka kí wọ́n sanwó, kí wọ́n sì sọ fún kọsítọ́mà. Ẹ wá ti àárín apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí POS.

Kí ẹ tó gba apá kẹta gbọ́, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń pa fáìlì dé:

```
=TEXT(G2,"ddd")
```

Tí Fri bá pọ̀ ju gbogbo ọjọ́ yòókù lọ, á jẹ́ pé ẹnì kan ń kó gbogbo ẹ̀ jọ kó tó pa wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́. Owó ti lè padà láti Tusidé. Ìyẹn kì í ṣe pé iṣẹ́ há, ìwà akọ̀wé ni.

Ará Màkún

Ìwà akọ̀wé! Àwọn ọmọ Ṣàgámù ò ní gbà fún yín o.

Ọmọ Mólípa

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo wò ó: Ìkẹ́nnẹ́ ló ń pa gbogbo tiwọn dé ní Jímọ́, Ṣàgámù ò sí níbẹ̀ rárá.

Káàdì rí gẹ́gẹ́ bí àǹtí ṣe sọ. Gbogbo 12 tó wà nílẹ̀ jẹ́ káàdì tuntun.

POS ló wá dà mí lọ́kàn rú. Ó ya mí lẹ́nu pé apá D dé E kò pẹ́, wákàtí 4 ni ti àárín rẹ̀. F dé G náà ò pẹ́. E dé F ni gbogbo wàhálà wà, àwọn kan dé wákàtí 180. Ọ̀gá ti rí i, ó ní á jẹ́ pé orí-iléeṣẹ́ ló ń fà á. Àwọn orí-iléeṣẹ́ sì ní irọ́ ni, àwọn kì í fi fáìlì pamọ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ta ló ń parọ́?

Àǹtí Ìlísàn

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kankan má parọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan: tí orí-iléeṣẹ́ bá dá fáìlì padà sí ẹ̀ka torí pé nǹkan kan ò pé nínú rẹ̀, níbo ni ìyẹn ń hàn nínú ṣíìtì?

Ọmọ Mólípa

Kò hàn níbì kankan. Wọ́n á pe ẹ̀ka lórí fóònù, ẹ̀ka á wá kọsítọ́mà rí, wọ́n á tún fi ránṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń dúró sí E.

Àǹtí Ìlísàn

Ibẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́fà tí fáìlì fi wà ní ẹ̀ka tó ń retí kọsítọ́mà, ṣíìtì ń kọ ọ́ sí orí-iléeṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn mìíràn a tún máa fi déètì tuntun tẹ ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ní E. Nígbà náà, ẹ̀ka á gba ẹ̀bi tó jẹ́ tiwọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé fáìlì náà lọ ó bọ̀. Méjèèjì ò dáa.

Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù méjì kún un: iye ìgbà tí wọ́n dá a padà, àti ohun tí kò pé nínú ẹ̀. Fún àwọn ẹ̀sùn àtẹ̀yìnwá, ẹ wá ẹni tó máa ń pe ẹ̀ka lórí fóònù ní orí-iléeṣẹ́. Ìwé jotàjotà kan máa wà lórí tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín POS sí méjì péré: èyí tí wọ́n ò dá padà rí, àti èyí tí wọ́n dá padà.

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Bí ẹ bá ti wà lórí ẹ̀, ẹ lo ọjọ́ iṣẹ́ dípò wákàtí lásán. Ẹ̀sùn tó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ á ti jẹ wákàtí bíi 60 kó tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, láìsí ẹni tó ṣẹ̀. NETWORKDAYS ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ àwọn ọjọ́ ìsinmi sí ibì kan kó máa yọ wọ́n kúrò:

```
=NETWORKDAYS(D2,IF(G2="",TODAY(),G2),P$2:P$12)-1
```

Ẹ má gbàgbé 1 tí mo yọ lẹ́yìn yẹn. Ó máa ń ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, nítorí náà ẹ̀sùn tó wọlé láàárọ̀ tó sì parí lọ́sàn-án á di ọjọ́ kan tí ẹ ò bá yọ ọ́.

Àǹtí Ìlísàn

Ibẹ̀ la ò ti jọ rí ojú kan náà, Bọ̀dá Ìpẹ̀rù. Wákàtí 72 Báńkì Àpapọ̀ ò mọ Sátidé. Kọsítọ́mà tí owó ọmọ rẹ̀ há ò mọ Sátidé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ dáa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ojú kọsítọ́mà rí, wákàtí ni. Ẹ má kàn fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ nínú ìwé tí ẹ máa gbé síwájú bọ́ọ̀dù.

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Tí ìwé ọ̀hún bá wà fún bọ́ọ̀dù tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ ni mo ṣì dúró lé.

Ọmọ Mólípa

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Mo rí ìwé jotàjotà náà, àǹtí, orí tábìlì ló wà lóòótọ́.

Nínú POS 46, wọ́n dá 11 padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn 35 tí wọn ò dá padà, wákàtí 30 ni ti àárín wọn, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ka. Àwọn 11 yẹn, wákàtí 188, bí mo bá ka ọjọ́ orí àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ mọ́ ọn. Nínú 11, 8 ni nọ́ńbà RRN, tí wọ́n fi ń wá owó náà rí nínú ètò báńkì, ò sí lórí fọ́ọ̀mù wọn, 2 ò ní nọ́ńbà ẹ̀rọ POS, ọ̀kan kọ iye owó tí kò bá ti ìwé àkáǹtì mu. Mẹ́sàn-án nínú wọn wá láti Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́.

Mo wo fọ́ọ̀mù ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó ní àyè tí wọ́n ń kọ RRN sí. Ti Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ ti àtijọ́, kò ní i.

Àǹtí Ìlísàn

Ẹ ti rí i. Kì í ṣe orí-iléeṣẹ́, kì í sì í ṣe èèyàn tó kéré lórí káńtà. Fọ́ọ̀mù ni. Èèyàn méjì tí ọ̀gá fẹ́ gbà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ò ní fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, torí ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti wá.

Nọ́ńbà méjì ni kí akọ̀wé gbà kí kọsítọ́mà tó dìde lórí àga: RRN, tó jẹ́ oókan méjìlá, àti nọ́ńbà ẹ̀rọ, tó jẹ́ àmì mẹ́jọ. Àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì. Láìsí wọn, ẹni tó ń wá owó náà nínú ètò báńkì ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkun. Kí fọ́ọ̀mù ní àpótí méjìlá fún RRN, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oókan kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá kọ mọ́kànlá rí i pé ó kù.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ gbé sọ́kàn nìyí: Bàbá Òkè-Àjẹ ti sọ pé rìsíìtì ń funfun. Tó bá ti funfun, kí akọ̀wé má sọ fún kọsítọ́mà pé kó lọ wá a. Bàbá, ṣé ó ṣeé wá jáde nínú ẹ̀rọ yín?

Bàbá Òkè-Àjẹ

Ó ṣeé wá jáde dáadáa. Kí wọ́n sáà sọ ọjọ́, aago àti iye owó fún mi. Bí mo bá ti tẹ́ ẹ, gbogbo nọ́ńbà yẹn á jáde, mo tún lè tẹ rìsíìtì mìíràn. Àmọ́ ẹ̀rọ kan kì í fi ti ọjọ́ pípẹ́ pamọ́, kí wọ́n tètè wá. Kí báńkì sì pè mí, kì í ṣe kí kọsítọ́mà máa wá bú mi láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ará Màkún

Ó dáa, mo gbà pé ìpíndọ́gba tèmi ò bá ti gbé wa débí. Àmọ́ ẹ wò ó, àlàyé kíkún náà ni mo sọ níbẹ̀rẹ̀: kọ́lọ́ọ̀mù «ohun tí kò pé» yìí ló jẹ́ ká rí i.

Àǹtí Ìlísàn

Ibẹ̀ ni ẹ ti sọ òótọ́. Àlàyé náà wúlò, ṣùgbọ́n kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe nínú ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí ni ohun tí kọsítọ́mà sọ nígbà tó wọlé. Ìdí ni ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ pa fáìlì dé. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, akọ̀wé á máa méfò ìdí ní àárọ̀ tí kọsítọ́mà dé, ẹnikẹ́ni ò sì ní padà tún un ṣe.

Ọmọ Mólípa

Mo ti ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù tuntun fún ẹ̀ka méjèèjì. Ìbéèrè mi tó kù: tí akọ̀wé bá ti bi kọsítọ́mà ní RRN, tí kọsítọ́mà ní òun á lọ mú un wá, tó wá lo ọjọ́ mẹ́rin, ṣé ká dá aago dúró nínú ṣíìtì?

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Ẹ dá a dúró. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un fún wákàtí tí ẹ fi retí kọsítọ́mà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò tọ́ kí òṣìṣẹ́ jẹ̀bi ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí Ìlísàn

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má yọ ọ́. Ẹ̀ka tó bá mọ̀ pé aago ń dúró, ó máa kọ «a ń retí kọsítọ́mà» sí gbogbo fáìlì tó bá pẹ́. Oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ẹ̀ á wà lábẹ́ 72, kọsítọ́mà á sì ṣì máa pariwo lórí káńtà. Tí ẹ bá ní dandan kí ẹ dá a dúró, kí ẹ máa tẹ iye wákàtí ìdádúró yẹn fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù, kí ọ̀gá lè rí méjèèjì.

Ará Màkún

Káàdì tuntun 12 ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé ìyẹn.

Ọmọ Mólípa

Mi ò gbàgbé. Káàdì kì í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń dúró kí orúkọ pọ̀ tó kí wọ́n tó kó wọn lọ tẹ̀. Gbogbo 12 ló wà láàárín E àti F, kò sí èyí tí wọ́n dá padà. Mi ò mọ ohun tí ìṣirò lè ṣe sí ìyẹn.

Bọ̀dá Ìpẹ̀rù

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kó ti ìkẹyìn lọ, kí ẹ sì to àwọn 12 yẹn láti èyí tó ti pẹ́ jù. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó dé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kó ẹrù lọ ló ń dúró jù, tí ẹni tó dé kẹ́yìn kò sì dúró rárá, iye ọjọ́ tó wà láàárín ìkójọ méjì ni àkókò yín, kì í ṣe iṣẹ́ títẹ̀ gan-an. Ẹ fi ìyẹn han ọ̀gá, kó pinnu bóyá kí wọ́n máa kó wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Iye owó tí wọ́n ń gbà fún ìkójọ kan ló kù kó bi wọ́n.